Láti Fọ́tò Dé Pósítà Ìrìn-àjò: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Jù

Fọ́tò kan la fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: wọ́n yà á láti orí Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, lásìkò ọyẹ́, nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àpáta wà níwájú, igi tẹ̀ lé e, páànù ìlú wà láàárín, òkè wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Kí ni irú pósítà yìí gan-an, ibo ló sì ti wá?

Àwòrán ibì kan ni, tí wọ́n ti dín gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kù sí ègé àwọ̀ ńláńlá mélòó kan. Etí ègé kọ̀ọ̀kan máa ń mú, orúkọ ìlú náà á sì wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Láàárín ọdún 1920 sí 1939, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Faransé lò ó láti fi fa èèyàn lọ sí etíkun àti orí òkè. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1938 àti 1941, àwọn ayàwòrán tí ìjọba ń sanwó fún tẹ irú rẹ̀ 14 jáde fún àwọn ọgbà ìṣẹ̀dá ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀nà ìtẹ̀wé ló bí ìrísí yẹn. Síkírìnì ni àwọn ará Amẹ́ríkà yìí fi tẹ tiwọn, irú èyí tí àwọn tó ń tẹ orúkọ olóògbé sára báàgì òde ṣì ń lò lọ́dọ̀ wa. Àwọ̀ kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí pósítà bá ní àwọ̀ méje, síkírìnì méje nìyẹn, ẹ ó sì dúró kó gbẹ lẹ́ẹ̀méje. Ẹni tó mọ̀ pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ná òun lówó kì í fi àwọ̀ ṣòfò.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ kí sánmà yí láti àwọ̀ kan sí òmíràn, wọ́n á da íńkì méjì sórí síkírìnì kan náà, wọ́n á fi rọ́bà fà á títí méjèèjì á fi yọ́ wọ ara wọn láàárín. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣe lónìí tí a ń pè ní grédíẹ́ǹtì kò ju ìyẹn lọ.

Irú fọ́tò wo ló ṣe é sọ di pósítà?

Fọ́tò tí ẹ lè ka ìpele inú rẹ̀: iwájú, àárín, ọ̀ọ́kán, sánmà. Ti Olúmọ yìí ní márùn-ún. Fọ́tò ọjà tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ súnmọ́ yín bákan náà lè dára lójú, àmọ́ ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti dá a sí wẹ́wẹ́.

Àwọn ayafọ́tò máa ń bú ọyẹ́ pé ó ń ba fọ́tò jẹ́. Fún tiwa, ọyẹ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà mọ́lẹ̀ sí i, kó sì sún mọ́ àwọ̀ sánmà, nígbà tí ohun tó wà nítòsí á dúdú gbirin. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an la fẹ́ yà. Ẹ sá fún fọ́tò ọ̀sán gangan, nítorí pé bí oòrùn bá wà lágbedeméjì orí, òrùlé kò ní ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn.

Kò pọn dandan kí fọ́tò náà mọ́ kedere. Fóònù àtijọ́ tó, torí pé kò sí ohun kan nínú fọ́tò náà tó máa kù sínú pósítà.

Sọ́fútíwíà wo ni kí n lò?

Èyíkéyìí tó bá lè fa ìlà tí ẹ tún lè tẹ̀ síbí sọ́hùn-ún lẹ́yìn tí ẹ ti fà á. Inkscape là ń lò níbí nítorí ọ̀fẹ́ ni: `B` ń pe kálàmù, `G` ń pe grédíẹ́ǹtì. A ń lo GIMP fún ìpèsè fọ́tò, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ lè ṣe é lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìka á máa bo ibi tí ẹ fẹ́ fi ìlà sí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó fa ìlà kankan?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dúdú àti ohun tó mọ́lẹ̀, kí ẹ gbàgbé àwọ̀ ná. Ẹ ṣí fọ́tò náà nínú GIMP, ẹ fi `Colors > Desaturate` yọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ fi `Filters > Blur > Gaussian Blur` mú un rí bàìbàì títí ẹ ò fi ní rí fèrèsé mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí `Colors > Posterize` kí ẹ sì fi 5 síbẹ̀. Ohun tó bá yọ síta ni egungun pósítà yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn lè fún ojú pọ̀ wo fọ́tò náà bí ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lójú. Ohun kan náà ló máa rí.

Nínú fọ́tò Olúmọ, sánmà ìsàlẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù, òkè ọ̀ọ́kán tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà páànù. Àmọ́ igi àti àpáta papọ̀ di dúdú kan náà, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ibí yìí ni iṣẹ́ ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. A mú igi mọ́lẹ̀ sí i ju bó ṣe rí nínú fọ́tò lọ, kí àpáta lè yọ. Fọ́tò kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Bí ìpele méjì tó fara kanra bá jọra jù, ẹ yí ọ̀kan padà láìwo ojú fọ́tò.

Ẹ má kúrò níbí títí gbogbo ìpele á fi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú dúdú àti funfun. Àwọ̀ rere kì í gba ìpele búburú là. Pósítà tó rú lójú láìní àwọ̀ á rú lójú pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́wàá.

Àwọ̀ mélòó ló tó?

Márùn-ún sí méje. Èyí ni àwọ̀ tí a lò fún Olúmọ, nọ́ńbà tó kẹ́yìn sì ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, tí 0 bá jẹ́ dúdú pátápátá, tí 100 sì jẹ́ funfun báláú:

```
sánmà ìsàlẹ̀    #F6DDA8   87
sánmà òkè      #E9A15B   68
òkè ọ̀ọ́kán     #D9A878   69
páànù          #C4622F   48
igi            #3F5B45   31
àpáta          #2B2433   16
```

Ẹ wò ó bí nọ́ńbà náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀ọ́kán wá sí iwájú: 87, 69, 48, 31, 16. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń jẹ́ kí ojú mọ ohun tó jìnnà yàtọ̀ sí ohun tó súnmọ́. Òkè ọ̀ọ́kán àti sánmà òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n wọn kò fara kanra, sánmà ìsàlẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Igi àti àpáta nìkan ló ní àwọ̀ tútù níbẹ̀. Gbogbo ìyókù ń lọ sí pupa tàbí ìyeyè, nítorí bí ọyẹ́ ṣe máa ń kun ìlú nìyẹn. Bí a bá fi sánmà búlúù sí i, páànù á ta yọ sí i lóòótọ́, àmọ́ Abẹ́òkúta oṣù Kejìlá kọ́ nìyẹn mọ́.

Ilé tó wà nínú fọ́tò mi kò lóǹkà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa yọ?

Ẹ má yà wọ́n bí ilé. Ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ sínú ègé ńlá kan ṣoṣo tó ní àwọ̀ páànù, kí etí òkè rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi eyín ayùn: ṣóńṣó kan ga, èkejì kúrú, èyí tó tẹ̀ lé e tẹ́jú. Bí ẹ bá dẹ́kun níbẹ̀ gan-an, ojú á ti rí i pé ìlú ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn òrùlé tí oòrùn kàn nínú ègé yẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn. Méjìlá tó fún wa. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kàn la yà ní àwọ̀ páànù tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìyẹn onígun mẹ́rin tó dagun. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò nílò nǹkan kan, ègé ńlá tó wà lẹ́yìn ni òjìji rẹ̀. A fi mẹ́ta tó tóbi síwájú, mẹ́rin tó mọ níwọ̀n sí àárín, márùn-ún kéékèèké sẹ́yìn, a sì jẹ́ kí àwọn kan ṣù pọ̀, kí ibì kan sì ṣófo. Bí ẹ bá tò wọ́n ní ìwọ̀n kan náà bí ìgbà tí wọ́n to bíríkì, ó ti di bátànì aṣọ nìyẹn, kì í ṣe ìlú mọ́.

Fèrèsé, wáyà iná, ọ̀pá ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, tánkì omi, gbogbo rẹ̀ ni kó lọ. Ẹ mú ẹyọ ohun kan tí ará ìlú máa fi dá ibẹ̀ mọ̀. Nínú fọ́tò tiwa, ilé gogoro mọ́ṣáláṣí kan ta yọ sókè àwọn páànù. A fi í sílẹ̀, a mú un ga sí i díẹ̀, a sì rí i pé sánmà tó mọ́lẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ kó lè hàn. Bí ẹ bá fi ohun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa bá ara wọn jà.

Àpáta iwájú, ègé dúdú kan ni. Ẹ fi ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ sí orí rẹ̀ níbi tí oòrùn kàn, kí ẹ fi ìlà ìsán kan ṣoṣo sí ara rẹ̀. Ọ̀pẹ tí kò sí nínú fọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbìn ín. Ó ti pọ̀ jù nínú pósítà Áfíríkà.

Ṣé mi ò kàn lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa ìlà náà fún mi?

`Path > Trace Bitmap` wà nínú Inkscape, ó sì yára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ohun tó ń wò. Òjìji ilé àti igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá dúdú bákan náà, ègé kan ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé wẹ́wẹ́ tí etí wọn rí jágajàga, àtúnṣe rẹ̀ á sì gbà yín lákòókò ju kí ẹ fọwọ́ fà á lọ.

Ẹ ti fọ́tò náà pa sínú léyà tirẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ fi kálàmù fà á lórí rẹ̀. Òkè ọ̀ọ́kán kan kò yẹ kó ní ju ojú kókó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, ìyẹn àwọn ibi tí ẹ ti tẹ kálàmù mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ogójì, ẹ ti ń tẹ̀ lé gbogbo gbágungbàgun inú fọ́tò nìyẹn. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un fà.

Ibo ló yẹ kí n fi grédíẹ́ǹtì sí?

Sánmà ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ẹsẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, níbi tí kùrukùru tàbí eruku máa ń gbé dúró sí. Ẹsẹ̀ òkè ọ̀ọ́kán wa ń yọ́ lọ sínú àwọ̀ sánmà ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ sì mú kedere. Nípa bẹ́ẹ̀, etí òkè páànù tó wà níwájú rẹ̀ bọ́ sórí ibi tó mọ́lẹ̀, ó sì hàn ketekete láìfi ìlà yí i ká. Ohun tí grédíẹ́ǹtì wà fún gan-an nìyí: kó mú etí ohun tó wà níwájú yọ.

Àpáta iwájú kò ní rárá, àwọn òrùlé kéékèèké náà kò ní. Bí gbogbo ègé bá ń yọ́, kò sí èyí tó tẹ́jú mọ́, ojú kò sì ní ríbi sinmi sí.

Àárín grédíẹ́ǹtì mi di àwọ̀ ẹrẹ̀. Kí ló fà á?

Àwọ̀ méjì tó dojú ìjà kọra ni ẹ so pọ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ń wá àárín nọ́ńbà wọn ni. Bí ẹ bá lọ láti búlúù `#2F6F9F` sí olómi ọsàn `#F09A3C`, àárín wọn á já sí `#90856E`, èyí tó jẹ́ eérú oníyẹ̀ẹ̀pẹ̀. Oòrùn tó ń wọ̀ ní ti gidi kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ fún un ní ibùdókọ̀ láàárín. Nínú Inkscape, ẹ mú `G`, ẹ tẹ ìlà grédíẹ́ǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ojú tuntun á yọ. Ẹ fún un ní àwọ̀ eyín erin bíi `#F3D9B0`. Búlúù á kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ di eyín erin, eyín erin á wá gbóná di olómi ọsàn. Ẹ má fi ojú náà sí àárín gẹ́lẹ́. Ẹ fà á sún mọ́ ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

Ìlà funfun tín-ín-rín kan ń yọ láàárín ègé méjì tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ ti mú kí etí ègé méjèèjì bára wọn mu gẹ́lẹ́, ibẹ̀ gan-an ni àléébù wà. Níbi etí, ègé kọ̀ọ̀kan lè bo ìdajì píkísẹ́lì kan. Sọ́fútíwíà á kun ìdajì fún ègé àkọ́kọ́; nígbà tó bá kan ègé kejì, yóò kun ìdajì ohun tó wà níbẹ̀, ìdá mẹ́rin funfun ẹ̀yìn á sì ṣẹ́ kù. Òun ni ẹ ń rí.

Ẹ to wọ́n lé ara wọn ni. Láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìsàlẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan wọ abẹ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Òkè ọ̀ọ́kán wa wọ abẹ́ páànù, páànù wọ abẹ́ igi, igi wọ abẹ́ àpáta. Sánmà gba gbogbo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lórí ìwé ńlá, grédíẹ́ǹtì mi ń gé sí ọ̀já-ọ̀já.

Àwọ̀ méjì náà súnmọ́ra jù fún àyè tí ẹ fún wọn. Ká ní ẹ fẹ́ kí sánmà òru lọ láti `#2B2433` sí `#352E3D`. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Bí sánmà náà bá gba píkísẹ́lì 2500 sókè, ọ̀já kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó 250, èyí tó lé ní sẹ̀ǹtímítà méjì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 sí ínǹṣì kan.

Ẹ fi àlàfo tó pọ̀ sí i sáàárín àwọ̀ méjèèjì, tàbí kí ẹ kó àwòrán tó ti parí lọ sínú GIMP kí ẹ wọ́n ìyanrìn díẹ̀ sí i pẹ̀lú `Filters > Noise > RGB Noise`. Ẹ yọ àmì kúrò ní `Independent RGB` kí ìyanrìn náà má ba à di aláràbarà. Ìwọ̀n tí ẹ kò fi ní rí i lọ́ọ̀ọ́kán, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn nìkan lẹ ó rí i, ni kó jẹ́.

Mo fẹ́ kọ ABẸ́ÒKÚTA sísàlẹ̀, àmọ́ àmì rẹ̀ ń fò kiri.

Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà fún pósítà ni kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí Ẹ́. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ Ẹ́. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tí wọ́n gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí, yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó gun lẹ́tà lórí. Noto Sans ń gbé e dáadáa, ẹ fi dán an wò kí ẹ lè mọ̀ bóyá fọ́ǹtì yín ló jẹ̀bi.

Bí fọ́ǹtì tí kò gbà á náà ló wù yín, ẹ kọ ọ́ láìlámì, ẹ fi `Path > Object to Path` sọ ọ́ di àwòrán, kí ẹ wá fọwọ́ yà àmì àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àmì náà nípọn bíi apá lẹ́tà náà gan-an, kó má rí bí ohun tí wọ́n rántí nígbẹ̀yìn. Bí ìlà ọ̀rọ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, torí ẹsẹ̀ ìlà òkè àti àmì ìlà ìsàlẹ̀ máa ń forí gbárí.

Ó dán lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ṣú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, íńkì ni ti ìwé, íńkì kò sì lè tàn tó ìmọ́lẹ̀. Olómi ọsàn tó gbóná àti búlúù tó jọ ti òkun ló máa ń kú jù. Kí ẹ tó tẹ odidi rẹ̀, ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní gbogbo àwọ̀ yín sórí ìwé tí wọ́n máa lò gan-an. Páànù wa ló ṣú jù nínú tiwa, a sì mú un mọ́lẹ̀ sí i nínú fáìlì kó lè bọ́ sípò lórí ìwé.

Ní 300 sí ínǹṣì kan, ìwé A3 jẹ́ píkísẹ́lì 3508 sí 4961. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ kọjá etí ìwé ní mìlímítà mẹ́ta yíká, kí ọ̀bẹ má baà gé e ku funfun, ìyẹn ni pé kí ẹ gbé e jáde ní 3579 sí 5032.

Fọ́tò náà kì í ṣe tèmi. Ṣé mo lè ta pósítà tí mo fà láti ara rẹ̀?

Láìgbàṣẹ, rárá. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹni tó ni fọ́tò ló ni àṣẹ lórí àtúndá rẹ̀, fífà tí ẹ sì fà á kò sọ ibi tí ó dúró yà á di tiyín. Àpáta kò ní olówó bẹ́ẹ̀. Ẹ gun Olúmọ fúnra yín, tàbí kí ẹ wo fọ́tò oríṣiríṣi kí ẹ lè lóye ibẹ̀, kí ẹ wá to àwòrán tiyín láti ibi ìdúró tí kò sí nínú ìkankan wọn.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí àwòrán inú ìwé ọmọdé.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlà dúdú wà yí àwọn ègé yín ká. Ẹ yọ ọ́. Bí ègé kan kò bá wá hàn mọ́, ẹ padà sí ìbéèrè dúdú àti funfun lókè, torí ìlà yẹn ló ń bo àṣìṣe ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí kò bá sí ìlà, oòrùn ni kí ẹ wá. Nínú ọ̀pọ̀ irú pósítà bẹ́ẹ̀ tí a rí, òrùlé kan gba ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀tún, àpáta gbà á láti òkè, igi kò gbà á rárá. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan. Tiwa, òsì ni oòrùn wà: gbogbo òrùlé méjìlá mọ́lẹ̀ lósì, ilé gogoro ní ọ̀já kan tó mọ́lẹ̀ lósì, igi kọ̀ọ̀kan sì ní ègé ewé kan tó tàn díẹ̀ níbẹ̀ náà. A kò fi àwọ̀ tuntun kankan kún un. Àwọ̀ páànù àti ti igi kan náà la mú mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́wàá.